Kí ló dé tí ẹlẹ́sìn Jéìnì kì í jẹ àlùbọ́sà?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tíṣà wa ní àwọn ẹlẹ́sìn Jéìnì kì í jẹ ẹran nítorí pé màlúù ni wọ́n ń bọ. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí wá ló dé tí wọn kì í jẹ àlùbọ́sà àti ànàmọ́ òyìnbó? Ìyẹn kì í kúkú ṣe ẹran."

Màlúù kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni mo ti ń bá a pàdé nínú ìwé ìdánwò. Jéìnì kì í bọ màlúù. Torí pé Íńdíà ni òun àti ẹ̀sìn Híńdù ti wá làwọn èèyàn ṣe ń lọ́ méjèèjì pọ̀. Ohun tí Jéìnì dì mú ni àhíńsà: kí èèyàn má ṣe pa ohun ẹlẹ́mìí lára, ì báà jẹ́ nípa ìṣe, nípa ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí nínú èrò ọkàn. Òun ló ṣáájú nínú ẹ̀jẹ́ márùn-ún tí Máhàfírà, olùkọ́ ńlá wọn kẹrìnlélógún, fi kọ́ wọn ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn.

Àlùbọ́sà tí o béèrè yẹn gan-an ló máa là á yé ọ. Lójú tiwọn, ẹ̀mí wà nínú ewéko, nínú omi àti ilẹ̀, àní nínú iná àti afẹ́fẹ́. Ìmọ̀lára kan ṣoṣo làwọn wọ̀nyí ní: wọ́n ń mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan bá kàn wọ́n. Ekòló ní méjì, èèrà ní mẹ́ta, eṣinṣin ní mẹ́rin, ẹran àti èèyàn ní márùn-ún. Bí ìmọ̀lára bá ṣe pọ̀ sí i ni ẹ̀ṣẹ̀ pípa á ṣe ń wúwo sí i. Ẹran, ẹja àti ẹyin ti bọ́ nínú oúnjẹ nìyẹn.

Èèyàn sì gbọ́dọ̀ jẹun, ewéko ló kù. Bí o bá ká máńgòrò, igi rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Bí o bá hú àlùbọ́sà, ó parí fún un, kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀ náà sì lè bá a lọ. Èyí tó tún lágbára jù ni pé wọ́n gbà pé àìlóǹkà ẹ̀mí ló ń gbé nínú ara kan ṣoṣo nínú àwọn ohun tó ń ta sínú ilẹ̀. Wo ànàmọ́ òyìnbó tó ti pẹ́ nílé: gé e sí mẹ́rin kí ojú wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè hù. Iṣu tiwa náà kò yọ nínú èèwọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kárọ́ọ̀tì àti aáyù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò ànàmọ́. Ata ilẹ̀ tútù, èèwọ̀. Èyí tó ti gbẹ, wọ́n ń jẹ ẹ́, torí kò lè hù mọ́.

Ṣùgbọ́n bó o bá dúró sórí oúnjẹ, o ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní tèmi, ìṣọ́ra ni gbòǹgbò àhíńsà, omi mímu ló sì fi hàn jù. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ òwú tó nípọn po sí méjì, wọ́n á fi bo ẹnu ìkòkò, wọ́n á sì da omi gba orí rẹ̀. Ẹ ó ní ìmọ́tótó ni. Ẹ wo ohun tó kàn ná. Wọn kì í gbọn aṣọ náà dànù. Wọ́n á yí i padà, wọ́n á fi díẹ̀ nínú omi sísẹ́ ṣàn án, wọ́n á wá rọra da omi yẹn padà sínú kànga tí wọ́n ti fà á, kí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó wà lára aṣọ lè padà sílé. Omi kànga kì í lọ sódò, torí omi ibì kan lè pa kòkòrò ibòmíì. Omi ẹ̀rọ ò ní kànga tí wọ́n lè dá a padà sí. Ọmọ ìwòyí tó bá rí aṣọ lẹ́nu ẹ̀rọ á rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń sẹ́.

Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń jẹun kí oòrùn tó wọ̀, torí kòkòrò tó ń tẹ̀ lé àtùpà lè já sínú oúnjẹ. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ wọn, ìyẹn àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ torí ẹ̀sìn, a sì máa rọra gbá ibi tí wọ́n fẹ́ jókòó sí kí wọ́n má bàa jókòó lé kòkòrò.

Kúńdákúńdà, àgbà onímọ̀ wọn kan, ti là á mọ́lẹ̀: bí kòkòrò bá kú lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń fara balẹ̀ rìn, ikú yẹn nìkan kò so ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ẹni tó ń rìn láìbìkítà ti jẹ̀bi, ì báà má sí ohun tó kú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu àti èrò ọkàn fi wà nínú àhíńsà. Níparí àjọ̀dún Pàríúṣánà, wọ́n á máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn fún ohun tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn ò mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń pa èèwọ̀ àlùbọ́sà mọ́ lójoojúmọ́ o. Ẹlòmíì, ìgbà àjọ̀dún yẹn nìkan ni. Ti wàrà, láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń mu ún, torí kò sí ẹran tó kú. Àwọn ọ̀dọ́ wọn kan ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ti ń kọ̀ ọ́ báyìí, torí bí àwọn tó ń sin màlúù fún wàrà ṣe ń gba ọmọ lọ́wọ́ màlúù, tí wọ́n sì ń pa ìyá bó bá dẹ́kun wàrà. Awuyewuye ọ̀hún ṣì ń lọ láàárín wọn.