Ẹ̀bùn fún nọ́ọ̀sì tó tọ́jú aláìsàn wa

"Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò dá bàbá mi sílẹ̀ ní ọsibítù ìjọba lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ṣe bí ọmọ fún wọn. Ṣé kí n fi owó sínú àpòòwé fún un, àbí kí ni kí n ṣe?"

Ẹ má fún un lówó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, tí a sì lo ọjọ́ 23 ní wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kẹfà, mo ki owó bọ nọ́ọ̀sì alẹ́ kan lápò, nítorí pé òun ló máa ń yí ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì méjì kí egbò má baà yọ sí wọn lẹ́yìn. Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n, mẹ́tírọ̀n ti dá owó náà padà fún mi, àwọn ẹbí aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì ti ń wò wá bí ẹni tó ń ra ìtọ́jú. Èyí tó dùn mí jù ni pé nọ́ọ̀sì náà, tí kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀.

Òfin wà nídìí rẹ̀. Ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tó wà nínú àfikún karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè tàbí gba ohunkóhun nítorí iṣẹ́ tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bùn láti ọwọ́ ìbátan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló fàyè gbà, ìyẹn náà sì ní láti wà níwọ̀n tí àṣà mọ̀.

Lẹ́tà ni mo padà fi dúpẹ́. Ọ̀gá àgbà ọsibítù ni mo kọ ọ́ sí, nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, mo sì fún mẹ́tírọ̀n ní ẹ̀dà kan. Mo kọ orúkọ ìyá mi, nọ́ńbà fáìlì wọn, wọ́ọ̀dù tí a wà, ọjọ́ tí a wọlé àti ọjọ́ tí a jáde. Orúkọ nọ́ọ̀sì náà ní kíkún, ọwọ́ mẹ́tírọ̀n ni mo ti gbà á, nítorí pé "Nọ́ọ̀sì Búkì" tí gbogbo wa ń pè é kò lè dé inú fáìlì ẹnikẹ́ni. Mo yẹra fún "ó tọ́jú wa dáadáa". Ohun tó ṣe gan-an ni mo kọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fún ìyá mi ní ògì, wọ́n sì ń wúkọ́ lẹ́yìn ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Èmi rò pé ògì náà ló gbóná. Nọ́ọ̀sì náà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó gbé orí wọn sókè, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun tí àrùn náà ti sọ di aláìlágbára lè jẹ́ kí oúnjẹ gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi rọ́bà gba imú bọ́ wọn títí ọ̀fun fi padà bọ̀ sípò. Mo parí lẹ́tà náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì iṣẹ́ rẹ̀. Irú lẹ́tà kan náà ni mo kọ fún dókítà.

Bí ọkàn yín kò bá gbà kí ẹ lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ ra nǹkan fún wọ́ọ̀dù lódindi ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ ilé gan-an, kì í ṣe ṣáájú. Páálí mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì tí kò tíì ṣí ló dára, nítorí pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í jẹ oúnjẹ tí ẹni tí wọn kò mọ̀ sè. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ kọ "àárọ̀", "ọ̀sán" àti "alẹ́" sí i lára, kí ẹ sì fà á lé mẹ́tírọ̀n lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Tiwa tí a kò pín, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sán ló mu ún tán, nọ́ọ̀sì alẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á kò sì rí ìgò kan. Ẹ rántí àwọn tó ń gbálẹ̀ tí wọ́n sì ń da ìgbẹ́ aláìsàn nù. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó rántí wọn.

Bí ẹ bá gba olùtọ́jú sílé lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń san owó rẹ̀, ẹ sì lè fún un lówó. Ewu tibẹ̀ ni ẹ̀bùn tí aláìsàn bá fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ìyá mi fún tiwa ní aṣọ òkè kan, wọ́n sì gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi rí aṣọ náà nínú báàgì olùtọ́jú náà, ó sì pè é ní olè kí a tó wádìí. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí ìyá mi bá fẹ́ fún un, méjì nínú àwa ọmọ wọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ oògùn wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àwa tó wà níbẹ̀.