Fáìlì BVN tí wọ́n jù sí gúrúùpù ẹgbẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ju fáìlì sí gúrúùpù Wasáàpù ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa l'Ákùúrẹ́, orúkọ, BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo wa ló wà níbẹ̀, kò sọ ìdí kankan. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni o, kódà láti fi béèrè pé ṣé wọ́n ti rí i. Ẹ pe ádímìn báyìí báyìí, kó tẹ fáìlì yẹn mọ́lẹ̀ kó sì pa á rẹ́ fún gbogbo gúrúùpù, ádímìn lè pa ti ẹlòmíì rẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti wà á sílẹ̀, ó ṣì lè wà nínú fóònù ẹ̀, kí kálukú lọ yọ ọ́ kúrò fúnra ẹ̀.

BVN nìkan ò lè gbówó jáde. Ibi tó ti burú ni pé olè á pe màmá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba, á dárúkọ wọn, á ka nọ́ńbà 11 BVN wọn láìṣì ọ̀kan, á ní báǹkì lòun ti ń pè, kí wọ́n ka OTP tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, màmá á sì gbà á gbọ́ torí ta ló tún lè mọ gbogbo ìyẹn? OTP yẹn gan-an lolè ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ lónìí, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn lẹ́nu, wọn kì í ka mẹ́sẹ́èjì.

Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó jù ú síbẹ̀ níbi tó ti rí i. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ ló ti jò, tó sì lè pa àwọn èèyàn lára, òfin dátà ti 2023 ní kí ẹgbẹ́ fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí láàárín wákàtí 72 tí wọ́n bá ti mọ̀.