Lẹ́tà láti gba ilé ìkẹ́rùsí

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí onílé pé mo fẹ́ gba ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Kí ni kí n kọ nípa ọ̀nà tí a ó máa já ẹrù gbà, iná àti ààbò?

Ìdáhùn: Ọ̀nà tírélà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, torí òun ló ṣòro jù láti tún ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó. Kọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 40 gùn ju mítà 12 lọ, ká má tíì ka orí ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Tírélà oníkọ̀ntéínà ẹsẹ̀ bàtà 40 gbọ́dọ̀ lè wọlé, kó yí padà nínú ọgbà, kó sì já ẹrù láìdí títì.” Oníbàárà mi kan ò kọ ọ́. Wáyà iná tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́nu géètì ni kò jẹ́ kí kọ̀ntéínà rẹ̀ wọlé. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù láti títì, ọjọ́ méjì gbáko.

Ní ti iná, ẹ sọ pé fésì mẹ́ta lẹ nílò, kẹ́ ẹ sì ní kí onílé san gbèsè tó bá wà lórí mítà kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ààbò ò gùn: ẹ kọ fẹ́ǹsì, iná alẹ́, àti ẹni tí yóò máa san owó ọlọ́dẹ.

Ẹ fi kún un pé lẹ́tà náà kò tíì di àdéhùn títí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi fọwọ́ síwèé.