Fóònù tí kò ní ihò íàpíìsì àti amupilifáyà

Ìbéèrè: Fóònù mi kò ní ihò íàpíìsì. Mo ra adápítọ̀ USB-C kékeré ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, mo fi so ó mọ́ amupilifáyà, àmọ́ ara fóònù náà lorin ṣì ń gbà jáde. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pààrọ̀ adápítọ̀ yẹn sí èyí tí wọ́n kọ DAC sí lára páálí rẹ̀. Nọ́ḿbà lásán lorin inú fóònù, DAC ló ń sọ ọ́ di iná tí amupilifáyà lè gbé. Àwọn fóònù kan máa ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wọn, wọ́n á sì gbé orin gba ihò ṣájà jáde, ìyẹn ni wáyà lásán ṣe ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ó jọ pé tiyín kì í ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí télọ̀ kan lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹkùn gan-an nìyẹn. Nígbà tó ra tuntun, a kọ́kọ́ ki íàpíìsì bọ̀ ọ́. Ó dún, a wá mọ̀ pé adápítọ̀ náà dáa. Lẹ́yìn náà la fi wáyà tó ní ẹnu kan lápá kan, tó sì ní méjì, pupa àti funfun, lápá kejì, so ó mọ́ ihò AUX lẹ́yìn amupilifáyà.

Ẹ má ki wáyà náà bọ ihò MIC tàbí PHONO o, ohùn á há, á máa fọ́. Ẹ gbé ohùn fóònù sókè dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ti amupilifáyà láti ìsàlẹ̀ pátápátá.