64 tí kò ṣe é pín sí 12

*"Ẹ jọ̀ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ 6 ni mo ní lórí ẹ̀gbà ọwọ́ kan, àwọ̀ 2, pupa àti funfun. Ẹ̀gbà náà ṣe é yí, ó sì ṣe é dojú dé, ọ̀nà 12 lápapọ̀. Mo fẹ́ mọ iye irú ẹ̀gbà tó lè jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ pupa tàbí funfun, 2×2×2×2×2×2 = 64 nìyẹn. Mo pín 64 sí 12, ó gbé 5 àti ìdá kan nínú mẹ́ta jáde. Níbo ni mo ti ṣìnà?"*

Ẹ ti gbà pé gbogbo ẹ̀gbà ló ní ojú 12, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Èyí tó pupa látòkèdélẹ̀, ẹ yí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ojú kan náà ni yóò máa fi wò yín. PFPFPF ní ojú 2 péré. PPFPFF ló ní 12 pé. Tẹ́ ẹ bá wá pín gbogbo wọn sí 12, ẹ̀gbà pupa yẹn ò ní ju ìdá kan nínú 12 lọ nínú ìṣirò yín, bẹ́ẹ̀ odidi ẹ̀gbà ni.

Ohun tí òfin Burnside ní ká ṣe ni pé ká mú ọ̀nà 12 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ká bi í pé: nínú 64, mélòó ni yóò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá yí i báyìí? Ká kó gbogbo ìdáhùn pọ̀, ká wá pín in sí 12. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀gbà pupa ní ojú 1, ọ̀nà 12 ni kò sì yí ojú yẹn padà. PFPFPF ní ojú 2, ọ̀nà 6 ni kò yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, 12 náà nìyẹn. PPFPFF ní ojú 12, àìfọwọ́kàn nìkan ni kò yí i padà. Irú ẹ̀gbà yòówù kó jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejìlá ló ń wọ inú àròpọ̀ náà. (Burnside kọ́ ló ni ín o. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1897, Frobenius ló gbé e fún, Cauchy sì ti débẹ̀ ṣáájú àwọn méjèèjì.)

Ojú mi ti rí màbo lórí èyí. Àbúrò màmá mi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà ní Ọjà Ọba, Òṣogbo níbí. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kan ń bọ̀, ó ní kí n bá òun ka iye irú tó wà, kí òun sín ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí páálí. Yíyí nìkan ni mo kà: àìfọwọ́kàn 64, yíyí ìlẹ̀kẹ̀ kan síwájú 2, méjì síwájú 4, mẹ́ta síwájú 8, mẹ́rin 4, márùn-ún 2. Ó jẹ́ 84, mo pín in sí 6, ó jẹ́ 14 géérégé. Mo ní, "Àǹtí, 14 ni." Wọ́n sín 14. Màmá kan mú ẹ̀gbà méjì lórí páálí, ó da ọ̀kan dé lórí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ojú mi lẹ fẹ́ fọ́ ni? Ọ̀kan náà ni méjèèjì yìí." PPFPFF àti PPFFPF ni. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ kíyè sí i pé 14 mi kò ní àjẹkù. Tí ìpín bá ṣẹ́ àjẹkù, ẹ mọ̀ pé ẹ ti ṣìṣe; tí kò bá ṣẹ́, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

Ìdojúdé gan-an lọ̀fìn wà. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 6 sára ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Tí ìlà tẹ́ ẹ fi dà á dé bá gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ 1 àti 4 kọjá, àwọn méjèèjì dúró sáyè wọn, 2 pàrọ̀ pẹ̀lú 6, 3 pàrọ̀ pẹ̀lú 5. Ọ̀wọ́ mẹ́rin nìyẹn, àwọn tó bá sì jọ ń pàrọ̀ gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ kan náà, nítorí náà 2×2×2×2 = 16. Tí ìlà bá gba àárín òwú kọjá, 1 pẹ̀lú 6, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 4: ọ̀wọ́ mẹ́ta, 8. Oríṣi kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta mẹ́ta.

```
64+2+4+8+4+2 = 84
3×16 + 3×8   = 72
(84+72)/12   = 13
```

Lẹ́yìn ẹjọ́ màmá yẹn, mo tún ṣe é, mo fi 8 sí ìdojúdé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó gbé 11 jáde. Mo fi 16 sí gbogbo wọn, ó gbé 15. Kò sí èyí tó ṣẹ́ àjẹkù nínú méjèèjì! Ìgbà tí mo tú ẹ̀gbà sílẹ̀, tí mo kọ nọ́ńbà sí i lára, ni mo tó rí i pé oríṣi méjì ni ìdojúdé. Tó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ 5 tàbí 7 ni, wàhálà yìí ò sí, torí gbogbo ìlà ló máa ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo kọjá.

Ẹ wo ẹ̀gbà tiyín dáadáa kẹ́ ẹ tó gba 13 o. Tí wọ́n bá fín nǹkan sí ojú kan ìlẹ̀kẹ̀ náà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán, kò ṣe é dojú dé mọ́, 14 mi àkọ́kọ́ ló tọ̀nà. Tó bá ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń dè é, kò ṣe é yí mọ́ nìyẹn, àìfọwọ́kàn àti ìdojúdé kan péré ló kù: (64+8)/2, irú 36.