Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbé sórí YouTube: àlàyé abẹ́ fídíò

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni mo ń bá olùkọ́ wa gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sórí YouTube, ẹ̀ka Yorùbá, níbí l'Abẹ́òkúta. Èyí tó kẹ́yìn dá lórí ìtàn àkọtọ́, kò pé wákàtí kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn wá a títí, àwọn ò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Kí ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀?”

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ kọ sí àkọlé. Tó bá jẹ́ kóòdù kọ́ọ̀sì àti “Ìjókòó 3, apá kejì” ló wà níbẹ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láago mọ́kànlá alẹ́ nígbà tí ìdánwò kù ọ̀la. Ohun tó wà nínú ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń pín fún ara wọn ni yóò tẹ̀: “ìpàdé 1875”, “akoto atijo ati akoto ode oni”, “ta ni Crowther”. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan, ẹ gba ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ olùkọ́, ẹ tún wá ìbéèrè ìdánwò ọdún méjì tàbí mẹ́ta tó kọjá. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ kókó ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀ gan-an. Olùkọ́ lè máa sọ “sípẹ́lì” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n “àkọtọ́” ló wà nínú ìwé, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló yẹ kó ṣáájú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́.

Ẹ fi kókó ẹ̀kọ́ ṣáájú nínú àkọlé, kí nọ́ńbà ìjókòó gbẹ̀yìn, torí pé fóònù máa ń gé ìparí àkọlé tó bá gùn. YouTube gba ọgọ́rùn-ún lẹ́tà péré níbẹ̀, ọ́ tí a fi àmì sí lórí àti lábẹ́ kò sì ní kóòdù tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀tọ̀ ni ọ, ọ̀tọ̀ ni àmì ohùn orí rẹ̀. Àyè lè tán kí ojú yín tó ka ọgọ́rùn-ún. Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín yìí, bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

```
Ìtàn àkọtọ́ Yorùbá, 1843 sí 1974 (Ìjókòó 3)
```

Nínú àlàyé abẹ́ rẹ̀, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù. Àwọn ló máa ń hàn kí ènìyàn tó tẹ ibi tí ìyókù wà, wọ́n sì ń hàn díẹ̀ lára èsì ìwákiri. Ẹni tó fi “Ẹ káàbọ̀ sí ṣánẹ́lì wa, ẹ má gbàgbé láti tẹ agogo” bẹ̀rẹ̀ ti fi ibi tó dára jù ṣòfò. Ẹ fi ìkíni sí ìsàlẹ̀ pátápátá, àyè wà dáadáa níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́tà ni wọ́n fún yín.

```
Bí àkọtọ́ Yorùbá ṣe yí padà láti 1843 títí dé àkọtọ́ òde òní (1974).
Fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Ìjókòó 3 nínú 8.
Akoto Yoruba: akoto atijo ati akoto ode oni. Yoruba orthography.
```

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Mo mọ̀ pé yóò dun olùkọ́ èdè Yorùbá pé kí a kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ó sì tọ́ kó dùn ún. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sínú ọkọ̀ láti Ọ̀bàntókò lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ kò ní wá àmì lórí fóònù kó tó wá ẹ̀kọ́. “akoto” lásán ni yóò tẹ̀. Kí ẹ má gbára lé e pé ẹ̀rọ yóò mọ̀ pé “akoto” àti “àkọtọ́” jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kọ èyí tó ní àmì sókè, kí èyí tí kò ní àmì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì fi orúkọ tí wọ́n ń pe kókó náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tì í, torí inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ẹ má to ọ̀rọ̀ bí ogún síbẹ̀ bí ẹní to ìṣáná. YouTube ka irú rẹ̀ sí ẹ̀tàn, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ yọ fídíò náà.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí tún ní ẹ̀gún mìíràn tí ojú kì í rí. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń lo kíún, ìyẹn U+0323, àwọn mìíràn ń lo ìlà kékeré tó dúró gbọọrọ, ìyẹn U+0329. Lójú wa, ọ̀kan náà ni méjèèjì, pàápàá bí lẹ́tà bá kéré. Lójú ẹ̀rọ, ohun méjì tí kò bára tan ni wọ́n. Bí olùkọ́ bá tẹ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ìlà gbọọrọ, tí ẹ kọ́pì rẹ̀ sábẹ́ fídíò, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá orí fóònù rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú kíún, wọ́n lè má pàdé. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ fi Firefox ṣí ojú ìwé fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ yan “Match Diacritics” níbẹ̀, torí láìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ka àmì sí, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín tẹ “àkọtọ́” síbẹ̀ pẹ̀lú kíún láìkọ́pì rẹ̀. Bí ó bá ní kò sí, tí ẹ sì ń fi ojú yín rí i lórí ojú ìwé, àmì méjèèjì ló yàtọ̀ síra. Ẹ fi kíún tẹ gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ má kọ́pì láti inú PDF rárá, àmì sábà máa ń já bọ́ lójú ọ̀nà tàbí kó lọ jókòó sórí lẹ́tà mìíràn.

Ohun tó kàn ni pípín fídíò sí orí-orí, òun gan-an ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dé ibi tó ń wá láìjókòó wo gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ àkókò, ẹ fi àlàfo kan sí i, ẹ wá kọ orúkọ kókó náà:

```
0:00 Kí ni àkọtọ́?
6:40 Crowther àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, 1843
17:05 Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, 1859
26:30 Ìpàdé ìjọ CMS l'Ékòó, 1875
38:15 Ìgbìmọ̀ 1966 àti àkọtọ́ 1974
49:50 Àtijọ́ àti òde òní: aiye/ayé, enia/ènìyàn
```

Ọdún àti orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. “Ìtẹ̀síwájú” tàbí “Apá kejì” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ti 17:05: ibẹ̀ ni olùkọ́ ti máa sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ níbí l'Abẹ́òkúta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá Townsend kò ní mọ̀ pé inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọtọ́ ló wà àyàfi tí ẹ bá sọ ọ́. Ẹ fi gbólóhùn kan kún àlàyé náà lókè àwọn àkókò yìí: “A tún sọ̀rọ̀ nípa Henry Townsend àti Ìwé Ìròhìn (1859), pẹ̀lú àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá nígbà náà.” Ìwé Ìròhìn ni kí ẹ kọ, bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ má sọ ọ́ di “ìwé ìròyìn”, torí orúkọ ni.

Bí ẹ bá tọ́jú àwọn àkókò yìí tí fídíò náà ò pín, ohun mẹ́rin ló máa ń fà á. Àkọ́kọ́ nínú wọn kì í ṣe 0:00. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti 0:45 torí pé wọ́n ń ka orúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà ń ṣe àṣìṣe yìí. Tàbí kí wọ́n má pé mẹ́ta. Tàbí kí àkókò má tẹ̀ léra láti kékeré sí ńlá. Tàbí kí orí kan má tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ wo ìlà tó ń rìn nísàlẹ̀ fídíò: bí kò bá ní ibi tó ti já, kò tíì pín. Tí ẹ bá sì gé ìbẹ̀rẹ̀ fídíò náà kúrò lẹ́yìn tí ẹ ti kọ àwọn àkókò, gbogbo wọn ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ parí gígé ná, kí ẹ tó kọ.

Ẹ̀ka yín tún ní ìṣòro kan tí ẹ̀ka mìíràn lè má ní. A mọ̀ pé bí a ṣe ń fi bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà hàn ni `aiye > ayé`. YouTube kò gba àmì `<` àti `>` nínú àlàyé rárá. Yóò kọ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ tọ́jú ohun tí ẹ kọ, ẹlòmíràn á sì rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló burú. Ẹ kọ “aiye di ayé”, tàbí kí ẹ lo `→`.

Ti kóòdù kọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé, kó má sí nínú àkọlé. Láti ìgbà tí ètò CCMAS ti NUC ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 ni kóòdù ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì ti yí padà, ẹni tó ń tún kọ́ọ̀sì ṣe sì lè máa wá ti àtijọ́. Ẹ fi méjèèjì sí i. Ẹ to gbogbo ìjókòó mẹ́jọ sínú àkójọ kan náà pẹ̀lú, kí ẹ fi orúkọ kọ́ọ̀sì pè é.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ má fi fóònù yín dán an wò, torí pé ó ti mọ ohun tí ẹ ń wò, yóò gbé e síwájú yín. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tàbí Àṣèrò ní ìbéèrè ìdánwò kan, ẹ ní kí wọ́n wá ìdáhùn rẹ̀ lórí YouTube, ẹ má sọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ fún wọn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ “itan akoto ede yoruba”, tí “èdè” kò sì sí nínú ìlà àkọ́kọ́ yín, ẹ fi kún un lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá tẹ “ami ohun”, tí olùkọ́ yín sì kàn dárúkọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá wá ẹ̀kọ́ àmì ohùn dé ibẹ̀ tí kò bá a, kò ní gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé yín mọ́ nígbà tí ìjókòó àmì ohùn gan-an bá jáde.