Ilà Bollinger tó fẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ìjáde ti wáyé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ilà Bollinger ìpín kan tí mo ń wò fún pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá ni owó rẹ̀ kọjá ilà òkè, ilà méjèèjì sì ti fẹ̀ báyìí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìjáde gidi ni, àbí ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà?"

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ìjáde tó bá jẹ́ gidi ló sábà máa ń di rírìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà òkè. Ìjáde ẹ̀tàn ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún. Ohun tí mo sì ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́ ni pé fífẹ̀ tí ilà fẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohunkóhun.

Bí John Bollinger ṣe gbé e kalẹ̀, ilà àárín ni ìpíndọ́gba iye tí ọjà fi padé fún 20 ọjọ́, ilà òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì òdiwọ̀n ìfọ́nká, ìyẹn bí iye ọjà ṣe ń jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ká ní ìpíndọ́gba jẹ́ ₦100, tí òdiwọ̀n ìfọ́nká jẹ́ ₦1.50: ilà òkè wà ní ₦103, ti ìsàlẹ̀ wà ní ₦97, àlàfo wọn sì jẹ́ 6% ìpíndọ́gba. Lọ́jọ́ kejì ọjà padé ní ₦105, ₦100 tó pẹ́ jù lọ sì bọ́ kúrò nínú ìṣirò. Lójú ẹsẹ̀, ilà òkè á gùn dé nǹkan bí ₦103.96, ti ìsàlẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ₦96.54, àlàfo á sì di 7.4%. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn.

Tí ọjà bá wá padà sí ₦100 lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, tí ₦100 mìíràn sì bọ́ kúrò, àwọn ilà náà kò ní yẹ̀ rárá, nítorí pé ₦105 yẹn kò ní kúrò nínú ìṣirò títí 20 ọjọ́ yóò fi pé. Owó ti padà sílé, ilà ṣì fẹ̀ gbàgàdà!

Nítorí náà, ibi tí ọjà padé sí ni kí ẹ máa wò. Ìjáde gidi máa ń padé lókè ₦103 àtijọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, iye ìpín tí wọ́n ń tà á sì ju ti ìgbà ìfúnpọ̀ lọ. Tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ó lè wọlé díẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í sábà padé nísàlẹ̀ ilà àárín. Bí ó bá padé níbẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ìjáde, ẹ kà á sí ẹ̀tàn, kí ẹ sì jáde kúrò nínú òwò náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ mẹ́nu bà kò tó láti pè ní ìfúnpọ̀. Ẹ fi BandWidth, ìyẹn àlàfo ilà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìpíndọ́gba, wé èyí tó kéré jù lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Èmi kò rí ṣáàtì yín, nítorí náà n kò lè ní kí ẹ rà tàbí kí ẹ tà. Bí ó bá sì jẹ́ ìpín tí wọn kì í tà púpọ̀, oníbàárà kan ṣoṣo lè gbé owó rẹ̀ kọjá ilà òkè.